Omi Tó Dín Kù Lẹ́sẹ̀ Ìsédò

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ, ìyàwó mi kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n kọ sínú ìwé. A sin ín lọ́jọ́ kejì, sí itẹ́ òkú tó wà níwájú ilé àwọn òṣìṣẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ́fíìsì fún mi kí n fi jókòó sílé. N kò bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ilé tí èèyàn ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ibi tó yẹ kí wọ́n ní kó lọ sinmi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn omi tó ń jò lábẹ́ ìsédò. Dáàmù ni àwa òṣìṣẹ́ ń pè é. Òkìtì erùpẹ̀ gígùn ni, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti orí òkè kan dé èkejì. Adágún wà lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú rẹ̀ ni ilé àwa òṣìṣẹ́ wà, méjìléláàádọ́ta, àti ilé ẹ̀kọ́ kan, lẹ́yìn náà ìlú. Ẹ̀rù máa ń ba ẹni tí kò mọṣẹ́ tó bá gbọ́ pé dáàmù ń jò. Gbogbo dáàmù erùpẹ̀ ló ń jò. Ohun tí à ń ṣọ́ ni iye tó ń jò, ibi tó ń gbà jáde, àti bóyá ó mọ́.

Tiwa máa ń sun jáde lẹ́sẹ̀ òkìtì náà, lápá ibi tí ilé wà. Ó ń gba ojú ọ̀nà sìmẹ́ńtì kan wọ inú àpótí kọnkéré. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu àpótí yẹn tí wọ́n gé igun sí láàárín, ṣóńṣó igun náà dojú kọ ilẹ̀. Bí omi bá ṣe ga tó nínú igun yẹn ni mo ń kà láràárọ̀ tí mo sì ń kọ sínú ìwé. Iyanrìn tó bá rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí, mo ń kó o sórí ìwọ̀n kí n tó dà á nù. Lọ́dún kan gbáko, kì í kún ife tíì kan.

Ìyàwó mi ló kọ́ mi ní ìdí tí omi fi ń jáde bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán ni ní ọ́fíìsì àwọn tó kọ́ dáàmù náà. Èmi ń gbé igi ìwọ̀n kiri nígbà náà. Ó rí mi tí mo yọjú sí tábìlì rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwé lò ń wò àbí èmi?" Mo ní ìwé ni. Ó ní, "Ó dáa, wá wò ó dáadáa nígbà náà."

Àwọ̀n omi ni wọ́n ń pe ohun tó ń yà. Ó ya dáàmù bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e láàárín, ó sì ya ilẹ̀ iyanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wá fa àwọn ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ láti ìsàlẹ̀ adágún, lábẹ́ òkìtì, títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀ lódì kejì. Ọ̀nà tí ẹ̀kán omi ń gbà nìyẹn. Ó tún fa àwọn mìíràn tó dábùú wọn. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn adábùú yìí, agbára omi dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀; láti orí ọ̀kan dé èkejì, ó dín ní ìwọ̀n kan náà. Ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé ní igun tó gún, kí ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì jọ onígun mẹ́rin tí ìbú àti ìgùn rẹ̀ bára mu. Bọ́tìnì ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní mẹ́ta, ńlá, àárín àti kékeré. Tí bọ́tìnì bá jókòó sínú ojú àwọ̀n tó sì kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dáa. Tí kò bá kàn án, á gbé rọ́bà, á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo rí i tó pa iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta rẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé òun ni màá fẹ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, mo padà síbi iṣẹ́. Igbákejì mi ló kọ́kọ́ pàdé mi. Ẹni ogójì ọdún ni, alágbára, kò sì sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Afínjú ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí kò lè rí ewé kan nílẹ̀ kó má mú un.

"Ọ̀gá mi, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

Mo ní ó ṣeun.

"Ẹ wá wo nǹkan. Ẹ ò ní mọ ibẹ̀ mọ́! Àwọn àlejò láti olú ọ́fíìsì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ni mo bá ní dáàmù wa ò ní tì wá lójú."

Lóòótọ́ n kò mọ ibẹ̀ mọ́. Ó ti gé koríko. Ó ti kun igi ìwọ̀n ní ọ̀dà funfun. Ẹsẹ̀ òkìtì tó máa ń rin gbindin ní gbogbo ọdún ti gbẹ, tí èèyàn fi lè wọ bàtà aláwọ̀ kọjá. Ó ti gbẹ́ gọ́tà kan síbẹ̀, tó jìn dé ìgbáyà mi, tó gún bí okùn, tó sì já sódò.

"Gọ́tà yìí ló fa gbogbo ẹrẹ̀ yẹn gbẹ," ni Afínjú wí. "Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko! Èmi nìkan! Ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí."

 Mo lọ síbi àpótí, mo ka igun irin. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá. Mo tún un kà. Mọ́kànlá ni. Kí n tó lọ sílé, nígbà tí adágún wà ní mítà mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìnlá ni mo kà kẹ́yìn. Òjò ti rọ̀ láti ìgbà yẹn. Adágún ti di mítà méjìdínlógún.

Ẹnjiníà wá bá wa níbẹ̀. Obìnrin ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, oṣù mẹ́ta péré ló sì ti lò pẹ̀lú wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bá mi kẹ́dùn, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tàn.

"Bàbá, ẹ rí i? Omi tó ń jò ti dín kù. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Máníjà. Inú wọn dùn."

"Inú tèmi kò dùn, Ẹnjiníà."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Adágún ga sókè, agbára tó ń ti omi pọ̀ sí i. Kí ló wá mú èyí tó ń jáde dín kù?"

Ó ní bóyá ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ló dí ojú ilẹ̀. Ìdáhùn tó dára ni, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Mo ní kó bá mi ṣírò rẹ̀. Omi tó ń jò máa ń pọ̀ bí gíga adágún bá ṣe pọ̀. Àwọ̀n omi kò yí padà, agbára tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló ń yí. Igun mẹ́rìnlá jẹ́ lítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pẹ̀lú adágún tuntun, ó yẹ kó lé ní mọ́kànlá. Igun mọ́kànlá kò ju lítà márùn-ún àtààbọ̀ lọ.

"Lítà mẹ́fà tó kù dà?" ni mo bi í.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí gọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Omi dé kókósẹ̀ mi. Ní ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀ sí àárín dáàmù, mo rí i: ibì kan tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, omi ń hó nínú rẹ̀ bí ìkòkò tó wà lórí iná, iyanrìn kíkúnná sì yí i ká bí ilé èèrà. Mo bu omi náà sínú ìgò. Ó rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Mo gbé e sílẹ̀. Kò pẹ́ tí iyanrìn fi tò sí ìdí ìgò ní ìbú ìka kan.

"Afínjú, iyanrìn yìí, ìgbà wo lo ti ń rí i?"

"Ọjọ́ kẹta tí mo gbẹ́ gọ́tà tán. Àràárọ̀ ni mò ń gbá a, ọ̀gá. N ò jẹ́ kó kójọ."

"Níbo lò ń dà á sí?"

Ó mú wa lọ sẹ́yìn ilé irinṣẹ́. Ó ti kó o jọ síbẹ̀, òkìtì kan tó mọ́ roboto, ó tiẹ̀ fi bíríkì yí i ká. Ó tó bárò mẹ́rin.

Ẹnjiníà gbé ọwọ́ lé ẹnu. Afínjú ń wò mí, ó ń wo Ẹnjiníà.

"Ṣé mo da nǹkan nù ni?"

"O ò da nǹkan nù," ni mo wí. "Abẹ́ dáàmù ni iyanrìn yìí ti wá. Ibi tó ti kúrò, ihò tó tó bárò mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Omi á máa wú iyanrìn jáde, ihò á máa wọlé lọ sí ìhà adágún bíi páìpù. Ọjọ́ tó bá dé adágún, dáàmù á wó, a ò ní nílò gọ́tà mọ́."

Ó jókòó sílẹ̀ lórí koríko tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé.

Ẹnjiníà pe Máníjà lórí fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ṣàlàyé. Máníjà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ dí i! Kí lẹ tún ń dúró dè? Mo ń fi típà amọ̀ ránṣẹ́ báyìí. Ẹ da amọ̀ sínú gọ́tà yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. N ò fẹ́ rí omi kankan níbẹ̀ tí mo bá dé."

"Sà, Bàbá tó ń wọn omi ní..."

"Ta ló kàwé nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ó pa fóònù.

Mo sọ fún Ẹnjiníà pé amọ̀ kò ní dá omi dúró. Omi tó ti dé abẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú agbára yóò tì í sókè tàbí kó wá ibòmíràn yọ, bóyá lábẹ́ òkìtì gan-an, níbi tí ojú wa kò ti ní tó o. Iyanrìn ni ká dá dúró. Omi ni ká jẹ́ kó kọjá. Ó gbọ́ mi yé. Ṣùgbọ́n ó ní, "Bàbá, n ò lè fi ẹnu lásán bá Máníjà jà. Ó yẹ kí n ní nọ́ńbà."

A wọ ọ́fíìsì. Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Àwòrán dáàmù wà níbẹ̀, ó ní àwọ̀ pupa, ìyeyè àti búlúù, ó lẹ́wà. Ó tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ wò ó, ó ní kò séwu. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá péré."

"Gọ́tà dà?"

"Gọ́tà wo?"

"Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú rẹ̀ jáde."

Ó wá a lójú kọ̀ǹpútà, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán náà ti kúrò níbi iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, fáìlì tí a fi lè tún un ṣe sì wà ní olú ọ́fíìsì. Mo yí ìwé ńlá kan tí a fi ń kọ iye òjò sí òdìkejì, mo mú pẹ́ńsù. Mo ti ya dáàmù náà tán kó tó rí àga fà.

Agolo bọ́tìnì wà nínú àpò mi. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó mi. N kò ní àlàyé fún ìyẹn.

A ya àwọ̀n náà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́wàá ààbọ̀. Mo fa ìlà, Ẹnjiníà fi bọ́tìnì yẹ̀ ẹ́ wò. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń fojú àánú wo ìlà mi. "Eléyìí ti fẹ́ẹ̀ kàn án, Bàbá." Mo ní "fẹ́ẹ̀" kò sí nínú iṣẹ́ yìí, mo pa á rẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló gba rọ́bà lọ́wọ́ mi. Bí a ṣe ń sún mọ́ gọ́tà, gbogbo ìlà ń ya síbẹ̀, wọ́n ń há ara wọn mọ́ bí èrò tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde. Bọ́tìnì ńlá kò wọlé mọ́. Ti àárín kò wọlé. Ti kékeré ló jókòó sínú ojú àwọ̀n tó kẹ́yìn.

Ọ̀nà méjìlá ni agbára omi pín sí láti adágún dé ẹsẹ̀. Mítà méjìdínlógún sí ọ̀nà méjìlá: mítà kan àtààbọ̀ ni omi ń sọ nù nínú ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Nínú àwòrán àtijọ́, ojú tó kẹ́yìn gùn ní mítà márùn-ún. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá nìyẹn. Nínú tiwa, mítà méjì ló gùn.

"Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin," ni Ẹnjiníà wí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Ó mọ ìyókù. Tó bá di pé omi ń sọ mítà kan nù láàárín mítà kan, agbára rẹ̀ ti tó ìwúwo iyanrìn tó rì sínú omi. Iyanrìn á léfòó. Iṣẹ́ dáadáa kì í jẹ́ kó kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́bàá ìsàlẹ̀ gọ́tà gan-an, níbi tí ìlà ti há jù, tiwa ti ré kọjá ọ̀kan.

Ìró típà wọlé nígbà náà. A sáré jáde. Awakọ̀ ti fi ẹ̀yìn ọkọ̀ kọ gọ́tà. Mo lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ yà! Níbo ni kí n da amọ̀ yìí sí?"

"Dà á sí mi lórí."

"Háà! Ẹ dákun, mo ní ọmọ nílé o!"

Mo wo ojú Ẹnjiníà. Ọ̀rọ̀ kù sí i lọ́wọ́. Òun ni ọ̀gá wa níbẹ̀. Ó ká ìwé òjò náà ní kíkákò, ó fi sábẹ́ apá, ó bá awakọ̀ sọ̀rọ̀.

"Gbé amọ̀ ẹ padà. Òkúta ni mo fẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ típà kan, òkúta ńlá típà kan, àti iyanrìn oníhóró típà méjì. Tí Máníjà bá bi ọ́, sọ pé èmi ni mo ní kí o má dà á. Èmi ni màá dáhùn."

Awakọ̀ lọ. Ẹnjiníà yíjú sí mi.  "Bàbá, mo gbà pé ẹ ò ní jẹ́ kí ojú tì mí."

Mo ní kó lọ bọ́ bàtà rẹ̀.

Afínjú ṣe iṣẹ́ èèyàn márùn-ún lọ́jọ́ náà. A kọ́kọ́ fi àpò iyanrìn yí ojú omi tó ń hó ká, a tò ó lé ara wọn bí ògiri kànga. Omi ga sókè nínú rẹ̀. Bó ṣe ń ga ni híhó náà ń rọlẹ̀, nítorí omi tó wà lókè ti ń tẹ èyí tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Afínjú ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé e ga títí tí kò fi ní jáde mọ́." Mo ní rárá. Ní ìwọ̀n orúnkún, iyanrìn kò dìde mọ́, ṣùgbọ́n omi ṣì ń ṣàn gba páìpù kékeré tí a fi sí i lẹ́nu. Ibẹ̀ la dá a dúró.

Nígbà tí òkúta dé, Afínjú ti gbé ṣọ́bìrì. Mo tún dá a dúró. Mo gbé korobá kan tí ìdí rẹ̀ ti lu, mo da òkúta sí i, mo da iyanrìn abẹ́ dáàmù lé e, mo da omi sí i. Iyanrìn gba àárín òkúta kọjá, ó bọ́ sílẹ̀ pátápátá. Mo tún un ṣe, mo fi iyanrìn oníhóró sáàárín àwọn méjèèjì. Omi tó jáde nísàlẹ̀ mọ́ bíi dígí.

"Ṣé o rí i? Asẹ́ ni à ń ṣe, a ò kọ́lé. Iyanrìn oníhóró lákọ̀ọ́kọ́, òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀lé e, òkúta ńlá lókè kó fi ìwúwo tẹ̀ ẹ́. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń di èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mú."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ́ tónítóní ju bí mo ṣe rò lọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín láti oṣù kẹjọ nìyẹn.

Ọjọ́ méjì la fi da asẹ́ yìí kún gọ́tà náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. A dí ẹnu rẹ̀ tó já sódò, a sì darí omi inú rẹ̀ padà sí ojú ọ̀nà sìmẹ́ńtì. Ẹnjiníà ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ adágún díẹ̀, kí omi lè máa lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùndínlọ́gbọ̀n lójúmọ́. A kò yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ara òkìtì tó wà nínú omi lè ya tí omi bá sá lẹ́yìn rẹ̀ lójijì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Máníjà dé. Adágún wà ní mẹ́tàdínlógún àtààbọ̀. Kó tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ti ní kí Ẹnjiníà ṣírò ohun tó yẹ kí igun irin jẹ́ tí gbogbo omi bá ti padà sí ọ̀nà rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó lọ kà á. Ó kọ mẹ́rìnlá àtààbọ̀.

Máníjà fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ba tó kà á. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún tẹ̀ ba.

"Mẹ́rìnlá àtààbọ̀." Ó dìde. "Mọ́kànlá lẹ kọ ránṣẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀! Ṣé ẹ̀ ń sọ fún mi pé omi tó ń jò ti pọ̀ sí i, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Ẹnjiníà wí. Ó na ìwé rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ àwọ̀n omi sórí ògiri àpótí, ó fi bọ́tìnì mẹ́ta tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Afínjú gbé ìgò omi tuntun dání, ó gbé e sókè sínú oòrùn. Kò sí hóró kan nínú rẹ̀. Máníjà wo ìgò, ó wo àwọ̀n, ó wo gọ́tà tí kò sí mọ́.

"Ta ló ya èyí?"

"Bàbá ni, sà. Èmi ni mo fi rọ́bà pa á rẹ́."

Máníjà na ọwọ́ sí mi. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò tọrọ àforíjì, n kò sì dúró dè é. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni lẹ́tà jáde pé kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ohunkóhun sí ẹsẹ̀ dáàmù láìjẹ́ pé Ẹnjiníà fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì máa wọn iyanrìn inú àpótí kí wọ́n tó gbá a. Afínjú fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Ó lẹ̀ ẹ́ tààrà.

Ìrọ̀lẹ́, mo gba ẹsẹ̀ dáàmù kọjá lọ sílé. Ó ti tún ń rin gbindin. Mo bọ́ bàtà mi sí ọwọ́, mo gba inú ẹrẹ̀ náà kọjá. Itẹ́ òkú wà níwájú, ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ.

Ohun tí ìyàwó mi fi sílẹ̀ nìyí: agolo kan, bọ́tìnì mẹ́ta, ti kékeré wà lọ́wọ́ Ẹnjiníà báyìí, mo ní kó máa lò ó, pẹ́ńsù méje, méjì kò tíì kan ìwé, rọ́bà kan tí kò ju ẹ̀wà lọ mọ́, aṣọ méjìlá àti ẹ̀wù òtútù kan, àwo tó máa ń fi bo oúnjẹ mi, àwọ̀n omi àkọ́kọ́ tó yà, ó ti pọ́n létí, dáàmù kan tó ń jò bó ṣe yẹ, èmi.